Wọ́n ní wọ́n ti fíríìsì owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín, kẹ́ ẹ san owó ìtúsílẹ̀? Ẹ má tíì san, ẹ kọ́kọ́ ṣe báyìí

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin ará Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Òrò, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù ra USDT, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Mẹ́sééjì kan wà tó ń já lu àwọn èèyàn wa, bó ṣe máa ń rí nìyí: ẹ ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ fẹ́ yọ owó, nǹkan pupa kan á yọ sójú síkíríìnì, á ní owó yín wà níbẹ̀ o, ó pé pérépéré, àmọ́ wọ́n ti fíríìsì ẹ̀, bóyá torí wọ́n rí nǹkan tí ò mọ́ nínú àkáǹtì yín, bóyá torí owó orí, bóyá torí ẹ ò tíì jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Wọ́n á wá kọ ádírẹ́sì kan sí ìsàlẹ̀, pé tẹ́ ẹ bá san owó ìtúsílẹ̀ síbẹ̀ láàárín wákàtí 24, owó á jáde lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ò bá san, ó di àwátì.

Jìbìtì ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé téèyàn bá kàn sọ pé "jìbìtì ni" fún ẹni tó ń fojú ara ẹ̀ rí owó lójú síkíríìnì, kò ní gbà, á ní ìlara lẹ ń ṣe. Ẹ̀rí ló máa gbà. Ẹ̀rí ọ̀hún wà, ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù yín náà lẹ ti máa rí i, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Màá fi ọ̀rọ̀ télọ̀ kan ní Tanke ṣe é, torí òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe àjọ ló fi í sí gúrúùpù Wáásápù kan, wọ́n ní kó gba àpù kan, wọ́lẹ́ẹ̀tì tó ń bí owó ni wọ́n pè é. Ó fi 150 USDT sí i, nígbà tó rí i pé ó ń gbèrú ó tún fi 100 sí i, ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà, owó aṣọ ìyàwó bíi mélòó kan nìyẹn. Kò pẹ́, àpù yẹn ń gbé 3,200 USDT jáde fún un. Ó fẹ́ yọ ọ́ san owó ṣọ́ọ̀bù, ni mẹ́sééjì bá dé: owó ti fíríìsì, kó san ìdá mẹ́wàá, ìyẹn 320 USDT, kó tó lè yọ ọ́. Ó ti ń bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó yá òun lówó nígbà tó gbé fóònù wá.

Kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkankan, ẹ kó ẹ̀rí pa mọ́

Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ má bú wọn, ẹ má bẹ̀ wọ́n, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ti mọ̀. Ẹ má sì tíì yọ àpù yẹn kúrò lórí fóònù, ẹ ṣì máa nílò ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ ya síkíríìnṣọ́ọ̀tì mẹ́sééjì yẹn, ẹ ya ibi tó kọ iye owó yín sí, ẹ ya ibi tí wọ́n ti fún yín ní ádírẹ́sì tẹ́ ẹ fi owó sí ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tún ya ádírẹ́sì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sanwó ìtúsílẹ̀ sí. Ẹ kọ́pì ádírẹ́sì méjèèjì sí ibì kan, ẹ má fọwọ́ kọ ọ́, torí lẹ́tà kan péré tó bá yí padà ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì TRON ni, bó sì ṣe sábà máa ń jẹ́ fún USDT lọ́dọ̀ wa nìyẹn, T ni ádírẹ́sì ọ̀hún máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 34 ni. Tó bá jẹ́ 0x ló fi bẹ̀rẹ̀, Ethereum tàbí ẹbí ẹ̀ ni.

Tí gúrúùpù Wáásápù tàbí Tẹligíráàmù bá wà níbẹ̀, ẹ ya ìyẹn náà, kí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ń darí ẹ̀ hàn, torí bí wọ́n bá fura wọ́n á pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lójijì.

Ta ló ní ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn lọ́wọ́?

Ìbéèrè yìí ló pàtàkì jù. Nígbà tẹ́ ẹ ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé ó fún yín ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 pé kẹ́ ẹ kọ ọ́ síwèé kẹ́ ẹ fi pa mọ́, àbí íméèlì, pásíwọ́ọ̀dù àti kóòdù ẹni tó mú yín wá ló béèrè?

Tó bá fún yín ní ọ̀rọ̀, bíi Trust Wallet tàbí MetaMask, ẹ̀yin lẹ ni kọ́kọ́rọ́. Àpù yẹn kàn jẹ́ fèrèsé tẹ́ ẹ fi ń wo owó yín ni, owó ọ̀hún wà lórí bulọ́kù-ṣéènì, ìyẹn ìwé ìṣírò gbangba tí kì í ṣe ti ẹnì kan, ilé iṣẹ́ tó ṣe àpù ò lè tì í pa, kò ní kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà mẹ́sééjì èyíkéyìí tó bá ní "Trust Wallet ti fíríìsì owó yín", irọ́ ni látilẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ nílò àti wádìí ju ìyẹn lọ.

Tó bá jẹ́ íméèlì àti pásíwọ́ọ̀dù ni, ẹlòmíràn ló mú owó yín dání, nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń rí lójú síkíríìnì, òun ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ó lè kọ 3,200, ó lè kọ 32,000, kò ná an ní nǹkankan. Ti télọ̀ wa, íméèlì àti kóòdù ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Kò rí ọ̀rọ̀ méjìlá kankan rí.

Ẹ lọ wo ojú ìwé tí wọn ò lè parọ́ sí

Gbogbo tíránsífà USDT tó bá kọjá lórí TRON ló wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè wò ó láìfi orúkọ sílẹ̀ láìsanwó. Ẹ ṣí búráúsà, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ ádírẹ́sì yìí, ẹ má gba líńkì lọ́wọ́ ẹnì kan, torí wọ́n tún ti ṣe ayédèrú ìyẹn náà:

```
tronscan.org
```

Fún ti Ethereum, `etherscan.io` ni. Ẹ péèsìtì ádírẹ́sì tẹ́ ẹ fi owó sí ní ìbẹ̀rẹ̀ sínú àpótí tí wọ́n fi ń wá nǹkan, ẹ wá lọ síbi tó kọ `Transfers`. Ẹ máa rí gbogbo owó tó wọlé àtèyí tó jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò.

Èyí la rí nínú ti télọ̀: 150 USDT wọlé, tiẹ̀ nìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà 150 jáde lọ sí ádírẹ́sì míì. 100 wọlé, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, 100 jáde. Kò sí nǹkan míì. Odo ló kù níbẹ̀. Àpù yẹn sì nìyí, ó kọ ádírẹ́sì yìí gan-an sábẹ́ 3,200 pé ibẹ̀ lowó yẹn wà. Ó wo fóònù títí, ó ní ká tún un wò. A tún un wò. 250 ni gbogbo owó tó tíì wọbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan níbí kí ẹ má bàa ṣi í lò. Àwọn ibi pàṣípààrọ̀ gidi náà máa ń kó owó kúrò nínú ádírẹ́sì tẹ́ ẹ fi sanwó wọlé lọ sí àpò ńlá wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, nítorí náà tó bá jẹ́ ibi pàṣípààrọ̀ lẹ ń wò, ádírẹ́sì tó ṣófo nìkan ò tó láti fi dájọ́. Àmọ́ ohun tó bá pe ara ẹ̀ ní wọ́lẹ́ẹ̀tì, tó ní owó yín wà ní ádírẹ́sì báyìí, iye tó sọ gbọ́dọ̀ bá iye tó wà ní TronScan mu. Kò bá a mu, owó ò sí.

Nígbà míì sì rèé, ẹ lè dé TronScan kẹ́ ẹ rí USDT rẹpẹtẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má tíì yọ̀. Ẹnikẹ́ni lè dá tókìn sílẹ̀ kó sọ ọ́ ní USDT. Ẹ tẹ orúkọ tókìn yẹn, ẹ wo kọ́ńtíráàtì ẹ̀, ìyẹn ádírẹ́sì tí tókìn ọ̀hún ti wá, ẹyọ kan ni ti USDT gidi lórí TRON, òun nìyí:

```
TR7NHqjeKQxGTCi8q8ZY4pL8otSzgjLj6t
```

Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe USDT, ẹ ò lè fi ra gúgúrú.

Ẹ wá wo ádírẹ́sì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sanwó ìtúsílẹ̀ sí

Èyí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ṣe, òun ló sì máa ń la ojú ẹni tó ṣì ń ṣiyèméjì. Ẹ péèsìtì ádírẹ́sì kejì yẹn sí TronScan. Tó bá jẹ́ tuntun pátápátá, tí nǹkankan ò tíì wọbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ torí yín ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń lò, ẹ wo bí owó ṣe ń wọlé: ọ̀kan láti ibí, ọ̀kan láti ọ̀hún, 280, 320, 410, látọ̀dọ̀ ádírẹ́sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò mọra wọn, bó bá ti ń wọlé ni wọ́n ń gbé e lọ síbì kan náà. Kò sí èyí tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó san án. Ẹ tẹ àwọn tó sanwó yẹn níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnì kan nínú wọn gba "owó tí wọ́n tú sílẹ̀" lẹ́yìn tó san. A ṣe é fún ti télọ̀, a wo ẹni mẹ́fà, kò sí ọ̀kankan tí owó wọlé fún láti ibẹ̀. Ìgbà yẹn ló gbé fóònù sílẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kó má wulẹ̀ wá owó mọ́.

Kí ló dé tí wọn ò yọ ọ́ nínú owó yẹn?

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Alájọ tó ń yí Ọjà Ìpàtà ká, tó bá fẹ́ gba owó iṣẹ́ ẹ̀, inú àjọ tó kó lọ́wọ́ yín ló ti ń yọ owó ọjọ́ kan, kì í ní kẹ́ ẹ lọ yá owó wá kóun tó fún yín ní tiyín. Tí 3,200 bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n yọ 320, kí wọ́n fún yín ní 2,880. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn tó bá wù yín kẹ́ ẹ gbọ́ èsì, wọ́n á ní òfin ò gbà á, wọ́n á ní ètò ti tì í pa. Ohun tó fà á ni pé kò sí owó tí wọ́n máa ti yọ ọ́.

Owó kan wà tẹ́ ẹ máa ń san lóòótọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi USDT ránṣẹ́, owó nẹ́tíwọ̀kì ni. Lórí TRON, TRX, owó nẹ́tíwọ̀kì yẹn fúnra ẹ̀, ni wọ́n fi ń san án, ó gbọ́dọ̀ wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín, bẹ́ ẹ bá ti tẹ ọ́kéè ni nẹ́tíwọ̀kì á yọ ọ́ fúnra ẹ̀. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ sí, kì í sì í ṣe ìdá mẹ́wàá owó yín, bóyá USDT 10 lẹ ń fi ránṣẹ́ o, bóyá 10,000 ni o, iye tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kọ́ ló ń pinnu ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fún yín ní ádírẹ́sì pé kẹ́ ẹ san "owó nẹ́tíwọ̀kì" sí, irọ́ ló ń pa.

Wọ́n tún ti fi èyí ṣe ẹ̀wù míì. Ẹnì kan á ṣe bíi pé òun ò mọ nǹkankan, á fi ọ̀rọ̀ méjìlá wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, pé ẹ ṣàánú ẹ ran òun lọ́wọ́ kẹ́ ẹ yọ owó. Ẹ ṣí i, USDT gidi wà níbẹ̀, TRX nìkan ni ò sí. Ẹ fi TRX sí i, kò ní lọ, torí wọ́n ti gbé àṣẹ wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn lé ádírẹ́sì míì lọ́wọ́, ẹ ò lè gbé nǹkankan jáde níbẹ̀, TRX yín náà ti ha. Lórí TronScan ẹ lè rí i lójú ìwé ádírẹ́sì yẹn, níbi tó kọ `Permissions`: tí ádírẹ́sì tó wà lábẹ́ `Owner` kì í bá ṣe ti wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra ẹ̀, ẹ jáde.

Ṣé kì í ṣòótọ́ rárá pé wọ́n lè fíríìsì owó?

Ó máa ń ṣòótọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Tether, ilé iṣẹ́ tó ni USDT, lè ti ádírẹ́sì kan pa kí USDT inú ẹ̀ má lè lọ síbì kankan, wọ́n sì ń ṣe é, pàápàá táwọn agbófinró bá ní owó olè ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ mẹ́sééjì sí yín pé kẹ́ ẹ wá san 320 kí wọ́n tú u. Ẹ lè wò ó fúnra yín: ẹ ṣí kọ́ńtíráàtì USDT gidi tí mo kọ sókè yẹn lórí TronScan, ẹ lọ sí `Contract`, lẹ́yìn náà `Read Contract`, ẹ wá èyí tó ń jẹ́ `isBlackListed`, ẹ péèsìtì ádírẹ́sì yín síbẹ̀. Tó bá sọ `false`, kò sẹ́ni tó ti USDT yín pa. Tó bá sọ `true`, lọ́yà lẹ nílò, owó ìtúsílẹ̀ ò ràn án.

Ibi pàṣípààrọ̀ gidi náà lè dá àkáǹtì yín dúró. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé ni wọ́n máa béèrè, NIN, fọ́tò ojú yín, ẹ̀rí ibi tí owó ti wá, inú àpù wọn gan-an ni wọ́n á sì ti béèrè ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, SEC Nàìjíríà, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, fún ibi pàṣípààrọ̀ Quidax àti Busha ní àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ni àkọ́kọ́. Téèyàn bá pe orúkọ ilé iṣẹ́ kan fún yín, ẹ lọ wo `sec.gov.ng` bóyá ó wà lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ.

Ẹ ṣáà rántí CBEX, àpù tó ní òun ń bá èèyàn sọ owó di púpọ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2025, káàkiri Nàìjíríà, owó ò jáde mọ́, ni wọ́n bá ní kẹ́ni tí owó ẹ̀ ò tó $1,000 san $100, kẹ́ni tí tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ san $200, pé wọ́n fẹ́ fi mọ̀ pé onítọ̀hún ló ni àkáǹtì. Àwọn kan san án. SEC sọ pé àwọn ò fún wọn láṣẹ rárá. Mẹ́sééjì tó já lu télọ̀ yìí, ọmọ ìyá ẹ̀ ni.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjìlá ni wọ́n béèrè

Àwọn míì ò ní béèrè owó lọ́wọ́ yín, líńkì ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, pé kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjìlá yín kí wọ́n lè tú owó sílẹ̀. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ torí owó gidi yín ni wọ́n fẹ́ kó. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ má jókòó máa ka èyí parí. Ẹ dá wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun sílẹ̀ lórí fóònù tó mọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun, kẹ́ ẹ kó ohun tó bá kù lọ síbẹ̀ báyìí báyìí. Yíyí pásíwọ́ọ̀dù padà ò ràn án, yíyọ àpù kúrò ò ràn án, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti ní wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn títí ayé.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn so wọ́lẹ́ẹ̀tì yín pọ̀ mọ́ sáìtì wọn tẹ́ ẹ sì tẹ "gbà", ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti fún wọn láṣẹ láti máa mú tókìn yín. Ti Ethereum àtàwọn ẹbí ẹ̀, ẹ lọ sí `revoke.cash` kẹ́ ẹ gba àṣẹ yẹn padà. Tẹ́ ò bá dá a mọ̀ dáadáa, ẹ ṣáà kó owó lọ sí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun.

Tẹ́ ẹ bá ti san án

Ẹ má san ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n máa béèrè, ó dájú, lẹ́yìn owó ìtúsílẹ̀ á di owó orí, lẹ́yìn owó orí á di ìyàtọ̀ owó dọ́là. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ju èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i lọ.

Tó bá jẹ́ náírà lẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì báńkì ẹnì kan, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá jẹ́ òru, ẹ ní jìbìtì ni, kí wọ́n kàn sí báńkì tó gbà á kí wọ́n dá owó yẹn dúró. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, ìrètí wà. Tó bá jẹ́ USDT lẹ fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè fà á padà lórí nẹ́tíwọ̀kì, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e. Gbogbo tíránsífà ló ní nọ́ńbà gígùn kan tó ń jẹ́ `Hash`, ẹ kọ́pì ẹ̀. Ẹ máa tẹ ádírẹ́sì tó gbowó, ẹ wo ibi tó tún lọ, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí TronScan ti kọ orúkọ ibi pàṣípààrọ̀ ńlá kan sí i lára, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ di owó. Ẹ kọ̀wé sí ibi pàṣípààrọ̀ yẹn pẹ̀lú `Hash` yẹn. Àwọn agbófinró ni wọ́n sábà máa ń dá lóhùn dáadáa, torí náà ẹ gbé gbogbo síkíríìnṣọ́ọ̀tì yẹn lọ sí ọ́fíìsì EFCC tó wà ní Ìlọrin níbí, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹjọ́ sùn lórí sáìtì àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì:

```
nccc.npf.gov.ng
```

Kí ìwé ẹ̀sùn yín ní nǹkan mẹ́rin yìí ó kéré tán: ádírẹ́sì tó gbowó, `Hash`, ọjọ́ àti àkókò, nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀. Ìtàn gígùn láìsí ìwọ̀nyí ò ní jẹ́ kí wọ́n rí nǹkankan dì mú.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ẹnì kan á kọ̀wé sí yín pé òun máa ń bá èèyàn gba kírípítò tó sọnù padà, kẹ́ ẹ kàn san owó iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan náà ni, tàbí àwọn tó ra orúkọ yín lọ́wọ́ wọn. Ẹ bílọ́ọ̀kì ẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó ẹ̀rí tán lẹ wá lè yọ àpù yẹn. Tó bá jẹ́ pé líńkì Wáásápù lẹ ti gbà á, tí kì í ṣe Play Store, ẹ má fi fóònù yẹn ṣe báńkì mọ́ títí ẹ fi máa nù ún mọ́ tónítóní, ẹ fi fóònù míì yí PIN báńkì yín padà. Kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó mú yín wọ gúrúùpù yẹn lọ. Ẹ má bá a jà. Ọ̀rẹ́ télọ̀ yẹn, owó tiẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó sì ti ń wá ẹni tó máa yá òun lówó ìtúsílẹ̀. Ẹ fún un ní ádírẹ́sì yẹn, kó fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí TronScan, kó wò ó fúnra ẹ̀.